Lẹ́tà tí gírámà rẹ̀ dáa: bí a ṣe gbé ìwáṣẹ́ báǹkì kan yẹ̀ wò ní Kubwa

Ní Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2025, àbúrò aládùúgbò mi ní Kubwa kó bébà méjì wá bá mi. Ọ̀kan jẹ́ ìpolówó iṣẹ́ báǹkì tó tẹ̀ jáde láti orí fóònù rẹ̀, èkejì jẹ́ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá gírámà rẹ̀ dáa." Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí ìwáṣẹ́ náà parí.

Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀yáwó ti báǹkì kan ní Wuse. Nígbà tí a bá fẹ́ gba èèyàn sí ẹ̀ka wa, àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ yọ àwọn tí kò kúnjú òṣùwọ̀n kúrò, wọn á wá kó ìyókù fún ọ̀gá wa. Ọ̀gá wa á pín in fún àwa méjì tàbí mẹ́ta tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà, pé kí a kà á kí a mú èyí tí a lè fi ọkàn tán. Nítorí náà, mo ti jókòó ti lẹ́tà 40 rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì mọ ohun tí ojú ẹni tó ti rẹ̀ máa ń wá nínú wọn.

Gírámà rẹ̀ dáa lóòótọ́. N kò rí àṣìṣe kan. Ohun tó dà mí láàmú ni pé mo kà á dé ìsàlẹ̀, n kò sì mọ ohun tí ọmọkùnrin yìí ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo bi í, "Lẹ́tà yìí, ìpolówó wo lo kọ ọ́ sí?" Ó rò pé mo ń ṣe àwàdà. Mo tún un bi, nítorí pé tí a bá yọ orúkọ báǹkì kúrò lókè, lẹ́tà náà bá iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì mu, ó bá iléèwé mu, ó tún bá iléeṣẹ́ ìrìnnà mu.

Ohun tí ìpolówó náà béèrè

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìpolówó náà, Gẹ̀ẹ́sì náà ni lẹ́tà. Èmi ni mo ń sọ wọ́n ní Yorùbá níbí. Òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó ni wọ́n ń wá, ẹni tí yóò máa bójú tó àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Suleja àti Keffi. Nǹkan méje ni wọ́n kà sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni dìgírì tàbí HND tó dé ìwọ̀n kan. Èkejì ni ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ẹ̀kẹta ni ìrírí ọdún 3, ó kéré tán, nínú àyẹ̀wò àti àmójútó ẹ̀yáwó, wọ́n sì kọ ọ́ gbangba pé lẹ́yìn àgùnbánirọ̀. Ẹ̀kẹrin, kí èèyàn lè kọ ìwé àbá ẹ̀yáwó fún oníbàárà tí kì í kọ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde sílẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, kó ti bójú tó agbo ẹ̀yáwó kan, ìyẹn àpapọ̀ owó tí àwọn oníbàárà òṣìṣẹ́ kan yá, kí ìdá tó wà nínú ewu nínú rẹ̀ má sì ju 5 nínú 100 lọ. Ẹ̀kẹfà, kó mọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ ohun ìdógò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìkeje, wọ́n ní àǹfààní ni bí ó bá gbọ́ Hausa.

Mo ní kí ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti lo ọ̀rọ̀ "gbọ́dọ̀", kó sì yí òbìrí sí "àǹfààní". Mẹ́fà jẹ́ dandan, ẹyọ kan jẹ́ àǹfààní. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé ẹni tó ń yọ lẹ́tà kúrò ní ìpele àkọ́kọ́ kì í sábà mọ iṣẹ́ ẹ̀yáwó fúnra rẹ̀. Ohun tó ní lọ́wọ́ kò ju dìgírì, ìwé àgùnbánirọ̀ àti iye ọdún. Àwọn mẹ́ta yòókù tó jẹ́ dandan, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló ń kà á, irú wọn sì máa ń mọ̀ láàárín ìlà méjì bóyá ẹni tó kọ ọ́ ti ṣe é rí.

Lẹ́yìn èyí, a mú ohun tí wọ́n béèrè níkọ̀ọ̀kan, a sì wá èsì rẹ̀ nínú lẹ́tà. N kò jẹ́ kó fi ẹnu sọ fún mi pé "ó wà nínú rẹ̀". Mo ní kó fi ìka kan ìlà náà. Ìbéèrè tí mo ń bi lórí ìlà kọ̀ọ̀kan kò ju ọ̀kan lọ: ǹjẹ́ ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí lè kọ irú gbólóhùn yìí? Bí ó bá lè kọ ọ́, orúkọ nǹkan náà lásán ni a dá, a ò tíì dáhùn.

Méjì péré ló dáhùn pátápátá, ìyẹn dìgírì àti ìwé àgùnbánirọ̀. Mẹ́ta ni ó kàn dárúkọ. Méjì tó kù, ìdógò àti Hausa, kò sí níbẹ̀ rárá. Mo wá ní kí a yí i padà, kí a mú gbólóhùn inú lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan kí a wá ohun tí ó ń dáhùn nínú ìpolówó. Gbólóhùn 14 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́jọ kò dáhùn nǹkankan: òun jẹ́ ẹni tó ní ìtara, òun lè ṣiṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, òun máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ òun rẹ́, báǹkì náà jẹ́ báǹkì tí òun ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá tó ju ààbọ̀ lọ nínú ojú ewé kan ṣoṣo tí wọ́n fún un ti lọ sórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ojú rẹ̀ fà sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá mi jiyàn, nítorí pé òun náà ló fi ìka rẹ̀ kà á.

Ọdún mẹ́ta tí kò pé

Ìlà tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni èyí tó kọ pé òun ní "ìrírí tó ju ọdún 3 lọ." Mo ní kó gbé sí-fíì rẹ̀ wá. Ó ṣe àgùnbánirọ̀ ní báǹkì máíkírófáínáǹsì kan ní Mararaba láti 2021 wọ 2022, wọ́n sì gbà á síbẹ̀ ní oṣù Ògún 2022. Láti ìgbà náà títí di ìparí ọdún 2024 jẹ́ oṣù 29, ìyẹn ọdún 2 àti oṣù 5. Ọdún àgùnbánirọ̀ ló kà mọ́ ọn tó fi ju mẹ́ta lọ.

Mo béèrè ohun tó ṣe ní ọdún àgùnbánirọ̀ náà. Oṣù márùn-ún àkọ́kọ́, ó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣí àkáǹtì fún oníbàárà. Oṣù méje tó kù, ó ń tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó lọ sí ọjà. Bí a bá ka iṣẹ́ ẹ̀yáwó nìkan, oṣù 7 àti oṣù 29 di oṣù 36 gééré, ọdún mẹ́ta láì lé láì dín. Ó yọ̀. Mo ní kó má tíì yọ̀, nítorí pé "lẹ́yìn àgùnbánirọ̀" ni ìpolówó kọ. Pẹ̀lú ìṣirò tiwọn, oṣù 7 ló kù fún un.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń ba ara wọn jẹ́. Wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó máa ṣírò. Ṣùgbọ́n báǹkì máa gba ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tó ní ọjọ́ lórí, wọ́n máa gba lẹ́tà tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi gbà á, wọ́n sì máa kọ̀wé sí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ láti béèrè. Tí lẹ́tà bá sọ ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìwé mẹ́ta yìí sọ ọdún méjì àti oṣù márùn-ún, ọ̀rọ̀ kúrò lórí ìrírí, ó di ọ̀rọ̀ ìṣòótọ́. Níbi iṣẹ́ tó jẹ́ pé owó olówó ni a ń pín, kò sí ẹni tó máa dúró gbọ́ àlàyé.

Mo sọ fún un pé lẹ́tà kò lè dí ihò yìí. Ohun tí lẹ́tà lè ṣe ni kó sọ ọ́ bó ṣe rí, ní ìlà kan, kí ẹni tó ń kà á pinnu: oṣù 29 lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, àti oṣù 7 nínú àgùnbánirọ̀ ní ẹ̀ka kan náà. Ó bi mí bóyá kí òun má kọ̀wé rárá. Mo ní kó kọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ọdún kan ló ní, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ọ̀gá ẹ̀ka gba ẹni tí oṣù díẹ̀ kù fún nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn kedere. Mo tún ti rí i tí wọ́n kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́. Ewu rẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n kó tó fi ránṣẹ́.

Lẹ́tà kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ

Ó lọ sílé, ó padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè pẹ̀lú lẹ́tà tuntun. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ ìpolówó náà tán pátá, ó kó o sínú lẹ́tà. "Mo lè kọ ìwé àbá ẹ̀yáwó fún oníbàárà tí kì í kọ owó rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti bójú tó agbo ẹ̀yáwó tí ìdá tó wà nínú ewu kò ju 5 lọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ ohun ìdógò sílẹ̀." Ó ní, "Àǹtí, ó ti bá a mu báyìí, ìlà sí ìlà."

Ó yé mi ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní kó wá èsì fún ohun tí wọ́n béèrè, ó sì gbọ́ ọ bí ẹni pé kó dá ohùn wọn padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ sínú àpáta tó pariwo, ohùn ara rẹ̀ ló máa gbọ́. Báǹkì tó ka lẹ́tà yìí kò gbọ́ ohùn ẹlòmíràn. Mo tún bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì dáhùn pé ẹni tó ka ìpolówó nìkan, tí kò wọ báǹkì rí, lè kọ gbogbo rẹ̀.

Mo gbé lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, "Sọ fún mi, ta ni o lọ bá nínú ọjà lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Ó ní ìyá kan ni, tó ń ta mílíìkì, ṣúgà, ìrẹsì alápò àti ọṣẹ ní Mararaba. Ó fẹ́ yá owó kó fi kún ọjà rẹ̀. Ìyá náà kì í kọ nǹkankan sílẹ̀. Mo bi í bó ṣe mọ̀ pé ó máa lè san án. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, n kò sì dá a dúró.

Ó ní òun kì í béèrè pé "èló lẹ ń pa lóṣù," nítorí pé iye tó bá wá sí wọn lẹ́nu ni wọ́n máa sọ. Òun máa ń béèrè pé àpò ìrẹsì mélòó ni wọ́n rà láàárín ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ wo ni wọ́n tún padà lọ rà, òun á wá wo rìsíìtì àwọn tó ń tajà fún wọn. Òun á jókòó níbẹ̀ ní ọjọ́ ọjà kan àti ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, òun á ka iye oníbàárà tó wọlé. Òun á wo ìròyìn owó tó ń wọ àkáǹtì wọn láti ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá yìí, ó rí i pé ọjà tó ń tà lóṣù tó nǹkan bíi ₦1,200,000, iye tó fi ra ọjà náà jẹ́ ₦960,000. Èrè orí ọjà nìyẹn, ₦240,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ àti ọmọ tó ń bá a tajà gba ₦90,000. Owó oúnjẹ àti owó iléèwé ọmọ gba ₦70,000. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù jẹ́ ₦80,000.

Ìyá náà ń béèrè owó tí yóò máa san ₦95,000 lóṣù lórí rẹ̀. Àbúrò mi dín ẹ̀yáwó náà kù títí tí owó ìdápadà oṣooṣù fi di ₦64,000. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ kó tó ₦80,000. Ó ní nítorí pé tí àìsàn bá dé tàbí tí òjò bá lé oníbàárà lọ́sẹ̀ kan, kò ní sí àyè mí. Pín 80,000 sí 64,000, wàá rí 1.25. Ó ní òun kì í gbà kó lọ sísàlẹ̀ 1.25.

Mo wò ó. Gbogbo ohun tí ìpolówó béèrè ní ìlà kẹrin ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ yìí, kò sì sí ẹyọ kan nínú lẹ́tà méjèèjì. Mo bi í ìdí. Ó ní òun rò pé iṣẹ́ inú ọjà lásán ni, pé báǹkì ńlá á fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi kọ "ọ̀mọ̀ràn nínú ìṣàkóso ewu." Ó fi ohun tó ní pamọ́, ó sì fi ohun tí kò ní síta. Bí mo ṣe rí i ní gbogbo ọdún tí mo fi ka lẹ́tà, àìsí ìrírí kọ́ ló máa ń pa àwọn tó ti máíkírófáínáǹsì wá. Ohun tó ń pa wọ́n ni pé ojú ń tì wọ́n láti dárúkọ ọjà.

Ìdá 80 tí kò dúró

Lẹ́tà àkọ́kọ́ ní iye kan nínú: "Mo dín gbèsè tó bàjẹ́ kù ní ìdá 80 nínú 100." Irú iye báyìí máa ń wu ẹni tó kọ ọ́, ẹ̀rù rẹ̀ ló sì máa ń bà mí jù, nítorí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni.

Mo ní kó sọ bó ṣe rí i. Nígbà tó gba agbo ẹ̀yáwó ọjà náà ní oṣù Èbìbí 2023, oníbàárà 15 ló ti kọjá ọjọ́ ìsanwó. Nígbà tí ọdún náà parí, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó ku mẹ́ta. Láti 15 sí 3, ìdá 80 ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn 12 tó kúrò yẹn, ṣé gbogbo wọn ló san? Ó dákẹ́. Méje san tán. Márùn-ún ni wọ́n gbé lọ sí ẹ̀ka tó ń gba gbèsè, tí orúkọ wọn sì kúrò nínú ìwé tirẹ̀. Gbèsè wọn ṣì wà nílẹ̀, ó kàn ti kúrò níwájú rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọ̀nà tó rọrùn jù láti mú kí agbo ẹ̀yáwó dára ni kí a gbé àwọn tí kò dára fún ẹlòmíràn, torí náà ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ wá nìyẹn.

Ìpolówó gan-an kò sì béèrè iye oníbàárà. Ìdá tó wà nínú ewu ni wọ́n béèrè, owó ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣì jẹ ₦300,000, tó wá pẹ́ ju ọjọ́ 30 lọ kó tó san ₦25,000 ti oṣù kan, gbogbo ₦300,000 náà ni wọ́n máa kà sí ohun tó wà nínú ewu, wọn ò ní ka ₦25,000 nìkan. Wọn á pa gbogbo irú rẹ̀ pọ̀, wọn á pín in pẹ̀lú gbogbo owó tó wà níta. Mo bi í bóyá ó mọ iye tirẹ̀. Ó ní ó wà nínú ìròyìn oṣù Ọ̀pẹ 2024. Oníbàárà 84, owó tó wà níta jẹ́ ₦18,600,000, èyí tó ti kọjá ọjọ́ 30 jẹ́ ₦744,000. Ìdá 4 nínú 100. Ó wà lábẹ́ 5 tí wọ́n béèrè, ó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó fi sílẹ̀, ó lọ gbé ìdá 80 tí kò lè dúró lé lórí.

A fi ìdá 4 àti oníbàárà 84 sínú lẹ́tà. A kò fi àpapọ̀ owó síbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú ilé báǹkì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ni. Fún ìdí kan náà, nígbà tó kọ ìtàn ìyá oníprofíṣọ̀n, tó sì dárúkọ ìyá náà àti ìlà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ní kó pa á rẹ́ kíá. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kódà kí òfin tó dé, ẹni tó bá tú àṣírí oníbàárà kan nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ ti sọ fún báǹkì tuntun bó ṣe máa ṣe pẹ̀lú tiwọn.

Méjì tí kò sí níbẹ̀

Ti ohun ìdógò kò gba àkókò púpọ̀. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2017 ti wà lórí fífi ohun tó ṣeé gbé dúró fún ẹ̀yáwó, báǹkì lè kọ fìríìsà, ẹ̀rọ ìlọta tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá sílẹ̀ nínú ìwé ìjọba pé ó ti di ìdógò, kí ẹlòmíràn tó bá fẹ́ yá owó lé e lè wò ó kó rí i. Àbúrò mi kò wọ orí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ìdógò sílẹ̀ yìí rí. Ẹni tó ń bójú tó ìwé ní ọ́fíìsì wọn ló ń ṣe é. Òun ni ó máa ń lọ ya fọ́tò nǹkan náà, tó ń kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀, tó ń gba rìsíìtì tí wọ́n fi rà á, tó sì ń fi wọ́n wé ara wọn. Ó fẹ́ kọ pé òun mọ̀ ọ́n tán. Mo ní kó kọ apá tó ṣe, kó sì sọ pé ẹlòmíràn ló ń fi í sórí ẹ̀rọ. Ìdáhùn tó pé ìlàjì, tó sì jẹ́ òótọ́, ṣeé gbà níbẹ̀, nítorí pé wọ́n lè kọ́ ọ ní ìyókù láàárín ọjọ́ kan.

Ti Hausa ló yà mí lẹ́nu jù. Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n ti bí ọmọ yìí. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti ń tajà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i, ó sì ń sọ Hausa bí ẹni ń jẹ̀kọ. Ó ní, "Àǹtí, ta ló ń kọ Hausa sínú lẹ́tà? Gbogbo wa la gbọ́ ọ." Gbogbo wọn kọ́ ló gbọ́ ọ. Ẹni tó ti Ìbàdàn tàbí Èkó kọ̀wé wá kò gbọ́ ọ, ó sì máa mú ògbufọ̀ dání wọ ọjà Suleja. Tí ẹlòmíràn bá ń túmọ̀ iye tí oníṣòwò tà lánàá fún ọ, iye náà ti gba ẹnu kejì kó tó dé etí rẹ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ní kó fún un, ní ìparí, nítorí pé wọ́n pè é ní àǹfààní, wọn ò pè é ní dandan. Ṣùgbọ́n kó wà níbẹ̀.

Èyí tó fi ránṣẹ́

Ó tún un kọ lálẹ́ ọjọ́ Túsìdé, mo sì kà á lórí fóònù. Ó ti dín kù sí gbólóhùn mẹ́wàá. Àárín rẹ̀, tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, lọ báyìí:

"Láti oṣù Ògún 2022, mo ti wà ní ẹ̀ka ẹ̀yáwó ní Mararaba, oṣù 29 lẹ́yìn àgùnbánirọ̀. Ṣáájú èyí, mo ṣe oṣù 7 nínú ọdún àgùnbánirọ̀ mi ní ẹ̀ka kan náà. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi kì í kọ owó wọn sílẹ̀, nítorí náà iye ọjà tí wọ́n rà, ọjọ́ tí wọ́n padà lọ rà á, àti owó tó wọ àkáǹtì wọn ni mo fi ń ṣírò ohun tí wọ́n lè san. N kò dá àbá ẹ̀yáwó tí ohun tó kù lọ́wọ́ oníbàárà lóṣù kò tó ìlọ́po 1.25 owó ìdápadà. Ní ìparí 2024, mo ń bójú tó oníbàárà 84, ìdá tó wà nínú ewu sì jẹ́ 4 nínú 100. Nínú àwọn 15 tó ti kọjá ọjọ́ ìsanwó nígbà tí mo gba iṣẹ́ náà ní 2023, méje san tán láàárín oṣù mẹ́jọ."

Mo ní kó tún ṣe ohun kan kó tó fi ránṣẹ́: kó gbé lẹ́tà àti sí-fíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó rí i pé gbogbo oṣù, gbogbo ọdún àti orúkọ ipò rẹ̀ bá ara wọn mu. Ó rí ibì kan tí sí-fíì ti kọ "ọ̀gá ẹ̀yáwó" nígbà tí lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á kọ "òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó." Ó tún un ṣe. Ó kọ ohun tí wọ́n ní kó kọ sórí ímeèlì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an:

```
Credit Officer - Suleja/Keffi
```

Ó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ọjọ́ méjì ṣáájú ìparí.

Wọ́n pè é fún ìdánwò nínú oṣù Èrèlé, lẹ́yìn náà wọ́n pè é wá sí iwájú èèyàn mẹ́ta. Ó pè mí láti inú ọkọ̀ nígbà tó ń bọ̀. Ó ní ìbéèrè àkọ́kọ́ ni oṣù méje yẹn, òun sì sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà. Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó fi bírò kan ìlà ìkẹyìn: méje san nínú 15, àwọn mẹ́jọ tó kù ń kọ́? Ó ní márùn-ún lọ sí ẹ̀ka tó ń gba gbèsè. Mẹ́ta ṣì ń san díẹ̀díẹ̀ nígbà náà, ọ̀kan nínú wọn ti kó lọ sí Lafia, òun sì ń tẹ̀lé e lọ síbẹ̀ lóṣooṣù. Obìnrin náà bi í ní Hausa iye owó ọkọ̀ láti Mararaba dé Lafia. Ó dáhùn ní Hausa.

Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ipò tí ìpolówó náà kọ. Ipò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fún un, ní Suleja, nítorí oṣù méje tí kò pé, wọ́n sì kọ ìdí náà sínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á.